Lẹ́tà tí oníṣòwò èlùbọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé orúkọ ti yí padà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni ti lẹ́tà kan tí obìnrin oníṣòwò èlùbọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ sí àwọn oníbàárà rẹ̀, láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ òun ti gba orúkọ mìíràn àti àmì ìdánimọ̀ mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní lógò. Èmi ni ó pè láti bá a kọ ọ́, nítorí pé iṣẹ́ ìwé kíkọ fún àwọn oníṣòwò ni mo ń ṣe, àbúrò ni ó sì jẹ́ fún mi. Ó gbà kí n ròyìn bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dárúkọ òun tàbí ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀ tí òun kò fẹ́ bá fa wàhálà. Nítorí náà, ibi tí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ yẹ kí ó wà, “Orúkọ Àtijọ́” ni mo fi sí i. Ibi tí ti ìsinsìnyí yẹ kí ó wà, “Orúkọ Tuntun” ni ẹ ó rí.

Èlùbọ́ iṣu ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń ra iṣu tútù lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n ń bó o, wọ́n ń gé e, wọ́n ń bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n sì ń sá a lórí tábìlì gíga kí iyanrìn má bàa dé ibẹ̀, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì jọ̀ ọ́ sínú náílọ́ọ̀nù oníkílò kan, oníkílò méjì àti oníkílò márùn-ún. Àwọn olóúnjẹ tí ń ro àmàlà tà ni wọ́n ń ra oníkílò márùn-ún jù. Àwọn alágbàtà ní Ọjà Ọba àti ní Sábó ń kó o lọ́pọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ń gbà á láwìn. Àwọn kan tún wà ní Ìbàdàn àti ní Èkó tí wọn kò dé ṣọ́ọ̀bù rí: wọ́n á fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, a ó sì fi ẹrù wọn rán awakọ̀ láti gáréèjì. Ẹgbẹ́ oníbàárà mẹ́ta yìí kò gbọ́ ìròyìn lọ́nà kan náà, ohun tí ń já wọn láyà kò sì jọra.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí orúkọ fi ní láti yí padà, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ìṣòro lẹ́tà náà ti wá. Orúkọ Àtijọ́ jẹ́ ìnagijẹ tí àwọn ará ọjà sọ obìnrin náà, tí wọ́n so ọ̀rọ̀ náà “èlùbọ́” mọ́. Irú ìnagijẹ tí ẹgbẹ̀rún obìnrin ń jẹ́ ni, bí ẹni tí ń jẹ́ Ìyá Ìbejì. Ó ti fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ aládàáni tí òun nìkan ní ìpín nínú rẹ̀, ohun tí òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 fi àyè gbà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbà pé bí CAC bá ti fún wọn níwèé, orúkọ náà ti di tiwọn lórí ọjà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ ni CAC ń kọ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ sí orúkọ àti àmì tí a ń lẹ̀ mọ́ ọjà, ọ́fíìsì mìíràn ni a ti ń gbà á, ní ibi tí wọ́n ti ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ ní Àbújá, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò.

Ohun tí ó gbé e dé Àbújá ni ìpè láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ní Ìbàdàn, tí ó ní èlùbọ́ tí òun rà ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu, iyanrìn wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà ní kí ó ya ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù náà ránṣẹ́, kì í ṣe iwájú. Iwájú kò lè yanjú ọ̀rọ̀, nítorí pé àwòrán obìnrin tí ń fi orógùn ro àmàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni ó wà níbẹ̀, àwòrán tí ẹni tí ń tẹ náílọ́ọ̀nù ti ní nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ó sì ń fún gbogbo ẹni tí ó bá ní èlùbọ́ ni òun ń tà. Nígbà tí ẹ̀yìn dé, nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, àdírẹ́sì ibẹ̀ sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ mìíràn. Orúkọ iwájú sì rèé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fi yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Ó bínú, ó sì lọ bá agbẹjọ́rò pé kí wọ́n bá òun dá ẹni náà lẹ́kun. Agbẹjọ́rò ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè fún àmì òwò lórí orúkọ náà. Èsì tí ó padà wá ni pé wọn kò lè gbà á, nítorí pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé ní ẹ̀ka ọgbọ̀n, ìyẹn ẹ̀ka 30, níbi tí ìyẹ̀fun, ìrẹsì àti tíì wà, àti pé ẹni tí ó ni ín ni oníṣòwò ìpínlẹ̀ kejì yìí gan-an. Ẹni tí obìnrin wa ń pè ní aṣàfarawé ni òfin mọ̀ sí oní-nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, obìnrin náà gan-an ni wọ́n lè ní kí ó kó ọjà rẹ̀ kúrò lórí igbá. Ọjọ́ tí ó gbọ́ èyí ni ó pinnu pé orúkọ yóò yí padà, ìpinnu tí ó sì tọ́ ni lójú tèmi, nítorí pé owó tí yóò fi jà fún orúkọ tí ẹlòmíràn ti forúkọ sílẹ̀ pọ̀ ju owó tí yóò fi tẹ náílọ́ọ̀nù tuntun lọ.

Ìgbésẹ̀ ti CAC kò le. Wọ́n wá orúkọ, CAC sì fi orúkọ náà pamọ́ fún wọn fún ọgọ́ta ọjọ́, ìyẹn 60, tí òfin gbà láàyè. Wọ́n kọ ìpinnu ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sanwó, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí tuntun. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì fún lẹ́tà tí a fẹ́ kọ: nọ́ńbà RC, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, tí ó wà lórí ìwé tuntun náà ni ó wà lórí ti àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni. Gbèsè tí ó jẹ àti gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ kò parẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ fún CAC ni agbẹjọ́rò ti wo ìwé àmì òwò ní Àbújá, tí ó sì rí i pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ irú Orúkọ Tuntun ní ẹ̀ka náà. Wọn kò sì fi orúkọ oúnjẹ kankan sínú rẹ̀ mọ́, nítorí pé èlùbọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lò fún èlùbọ́, òfin kì í sì í fi irú rẹ̀ fún ẹnì kan.

Lẹ́yìn èyí ni ó kọ lẹ́tà tirẹ̀, ó sì gbé e wá fún mi pé kí n tún un ṣe. Ojú ewé méjì ni. Ó fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, ó sọ bí ó ti fi garawa kan bẹ̀rẹ̀ òwò, ó sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè àti ìgbésẹ̀ sí ipò gíga, ìsàlẹ̀ ojú ewé kìíní ni Orúkọ Tuntun sì tó jáde. Níparí, ó kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n ṣọ́ra fún “ayédèrú” tí ó ń jẹ́ Orúkọ Àtijọ́.

Mo ní kí a lọ kà á sétí ìyá olóúnjẹ kan tí ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn kì í ka ìwé. Ìyá náà dákẹ́ títí a fi kà á tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá.

“Ṣé wọ́n ti tà á ni?”

Obìnrin náà dáhùn pé, “Rárá o, ìyá, èmi náà ni. Orúkọ lásán ni ó yí padà.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ń yí orúkọ padà? Ṣé kì í ṣe pé ẹ jẹ gbèsè?”

Gbogbo iṣẹ́ tí lẹ́tà náà ní láti ṣe wà nínú ìbéèrè méjì yẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ṣọ́ọ̀bù bá yí orúkọ padà lójijì, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ènìyàn ni pé wọ́n ti tà á, tàbí pé ẹni tí ó ni ín ti kú tí àwọn ọmọ sì ń pín in, tàbí pé àwọn olówó-èlé ń wá a. Ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè kò lè mú ìfura yìí kúrò. Ńṣe ni ó ń fi kún un, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ ni ó sábà máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Ohun tí ó lè mú un kúrò ni kí a sọ ìdí gan-an, bó ti wù kí ìdí náà má gbayì tó.

Ṣùgbọ́n sísọ ìdí náà ní ewu tirẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ “ayédèrú” sì ti wọlé nìyí. Èlùbọ́ ẹnì kejì lè ní iyanrìn nínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayédèrú. Òun ni ó ni orúkọ náà lábẹ́ òfin. Bí lẹ́tà tí obìnrin náà fọwọ́ sí bá pè é bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó, ẹ̀rí ìbanilórúkọjẹ́ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ yẹn. A gbà láti sọ pé ẹlòmíràn ń jẹ́ irú orúkọ náà ní ẹ̀tọ́, pé èlùbọ́ méjèèjì ń dàrú mọ́ra lójú àwọn tí ń rà á, kí a má sì sọ ohunkóhun nípa bí èlùbọ́ ẹni náà ti rí. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní òtítọ́ ni iyanrìn náà. Mo ní òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí orúkọ fi yí padà.

Ọ̀rọ̀ owó ni èyí tí ó gba àkókò wa jù. Nọ́ńbà àkáǹtì ilé-iṣẹ́ náà kò yí padà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan náà ni. Wọ́n kó ìwé ẹ̀rí tuntun lọ sí báńkì, báńkì sì yí orúkọ tí ó wà lórí àkáǹtì padà. Ẹ wo ohun tí ó máa ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà tí ó wà ní Èkó. Yóò tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá tí ó ti wà lórí fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, fóònù yóò gbé orúkọ tí ó ni àkáǹtì náà jáde kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ, orúkọ tí kò gbọ́ rí ni yóò sì rí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, yóò dá owó rẹ̀ dúró. Nítorí náà, lẹ́tà gbọ́dọ̀ sọ orúkọ tí yóò jáde lójú fóònù, lẹ́tà sí lẹ́tà bí báńkì ti kọ ọ́. Báńkì a máa gé orúkọ gígùn kúrú, ohun tí yóò hàn lè má bá ìwé CAC mu délẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ní kí obìnrin náà gba orí fóònù ẹlòmíràn fi ọgọ́rùn-ún náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì ara rẹ̀, kí a sì da ohun tí ó rí kọ.

Ewu kejì wà lórí ọ̀rọ̀ owó yìí kan náà. Àkókò tí ilé-iṣẹ́ bá kéde pé òun ń yí nǹkan padà ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń kọ tiwọn, pé àkáǹtì náà ti yí padà. Àwòrán lẹ́tà rọrùn láti tún ṣe; ẹni tí ó ní fóònù lè pa ìlà kan rẹ́ kí ó sì kọ nọ́ńbà tirẹ̀ síbẹ̀. Nítorí èyí, a kò kọ nọ́ńbà àkáǹtì kankan sínú lẹ́tà. A kọ ọ́ pé nọ́ńbà tí oníbàárà ti ń lò ni kí ó máa lò, pé ìwé kíwèé tí ó bá gbé nọ́ńbà mìíràn dé, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ó ti wá. Báyìí, kò sí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè fi òmíràn rọ́pò.

Àmì ìdánimọ̀ gba àyè díẹ̀ nínú lẹ́tà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọdékùnrin tí ó ya àmì tuntun kọ́kọ́ gbé èyí tí ó ní àwọ̀ mẹ́rin wá, ó sì fẹ́ kí a kọ sínú lẹ́tà pé àwọ̀ yìí dúró fún ilẹ̀, tọ̀hún dúró fún ìrètí. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba pléètì tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ń tẹ náílọ́ọ̀nù, owó rẹ̀ sì ń gòkè pẹ̀lú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan; bí pléètì bá sì yẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ á yọ kúrò lára ìlà, àwòrán á sì di méjì. Wọ́n dín in sí àwọ̀ kan, àwọ̀ ewé, tí ó ti wà lára náílọ́ọ̀nù àtijọ́. Ìdí tí wọ́n fi fi àwọ̀ náà sílẹ̀ ni àwọn bíi ìyá olóúnjẹ wa, tí wọn kì í ka orúkọ, tí ó jẹ́ pé “oní-náílọ́ọ̀nù ewé” ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Bí orúkọ bá yí padà, tí àwòrán yí padà, tí àwọ̀ tún yí padà, irú wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tí ń tẹ náílọ́ọ̀nù tún ti fi lẹ́tà R inú òbíríkítí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà láìbéèrè, nítorí pé ó gbà pé ó bu ẹwà kún un. Agbẹjọ́rò ní kí wọ́n yọ ọ́. Àmì tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tán ni R ń tọ́ka sí, òfin àmì òwò sì ka fífi í sí èyí tí a kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Lẹ́tà tí ó jáde nígbẹ̀yìn nìyí:

“Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ilé-iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ sí Orúkọ Àtijọ́ yóò máa jẹ́ Orúkọ Tuntun. Èmi tí mo dá a sílẹ̀ náà ni mo ṣì ni ín. A kò tà á, a kò pín in, ilé tí a ti ń lọ̀ ọ́ àti àwọn tí ń lọ̀ ọ́ kò yí padà.

Ìdí tí a fi yí orúkọ padà ni pé ilé-iṣẹ́ mìíràn, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ń jẹ́ orúkọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba, ó sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún èlùbọ́ ṣáájú wa. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Àwọn kan nínú yín ti ra tirẹ̀ pẹ̀lú èrò pé tiwa ni, a sì ti gba ìpè lórí ọjà tí kì í ṣe tiwa. A kò fẹ́ kí ẹ máa ṣì wá mú, ìdí nìyí tí a fi wá orúkọ tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà fóònù wa kò yí padà. Nọ́ńbà àkáǹtì wa kò yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, nọ́ńbà tí ẹ ti ń lò náà ni kí ẹ tẹ̀. Orúkọ tí yóò jáde lójú fóònù yín ni ORÚKỌ TUNTUN. A kò kọ nọ́ńbà àkáǹtì kankan sínú ìwé yìí, a kò sì ní fi nọ́ńbà mìíràn ránṣẹ́ sí yín lórí Wásáàpù. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí irú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ó ti wá; ẹ pè wá lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀.

Ẹni tí ó ti sanwó sílẹ̀ yóò gba ẹrù rẹ̀ bí a ti ṣe àdéhùn. Ẹni tí ó gba ọjà láwìn yóò san án bí ó ti yẹ kí ó san án tẹ́lẹ̀. Iye tí a ń tà á kò yí padà nítorí orúkọ.

Náílọ́ọ̀nù tuntun ní àwọ̀ ewé bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwòrán orógùn kan ṣoṣo ni ó wà lórí rẹ̀ báyìí, láìsí obìnrin tí ń rokà, nítorí pé àwòrán obìnrin náà wà lára náílọ́ọ̀nù ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lábẹ́ orúkọ, ẹ ó rí i pé a kọ ọ́ síbẹ̀: ‘Orúkọ wa tẹ́lẹ̀ ni Orúkọ Àtijọ́, Ògbómọ̀ṣọ́.’ Àwọn náílọ́ọ̀nù àtijọ́ tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ṣáájú ọjọ́ náà, tiwa ni wọ́n bí ẹ bá rí àdírẹ́sì Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa rà.

Olùdásílẹ̀.”

Obìnrin náà ní ó kúrú jù, ó sì dun òun pé ìtàn garawa kò sí nínú rẹ̀. Èmi gbà pé kò sí ohun tí ìtàn náà ń dáhùn nínú àwọn ìbéèrè tí ìyá olóúnjẹ bi wá. A tún gbé lẹ́tà náà padà lọ bá wọn. Nígbà tí a ka ìpínrọ̀ kìíní tán, wọ́n ní, “Ẹ̀hẹ́n, ó yé mi,” wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. A kò rẹ́ni ka ìyókù fún.

Gbólóhùn kan wà tí a jiyàn lé lórí púpọ̀, ìyẹn ni “Ó ní ẹ̀tọ́ sí i.” Agbẹjọ́rò kọ́kọ́ ní kí a yọ ọ́, nítorí pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́. Èmi ní kí ó dúró. Bí a bá sọ pé ẹlòmíràn ń jẹ́ irú orúkọ wa, tí a kò sì sọ pé ó ní ẹ̀tọ́, ohun tí ará ọjà yóò gbọ́ ni pé wọ́n jí orúkọ gbé, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, wọn yóò ti máa pe ti ẹnì kejì ní ayédèrú fúnra wọn. Nígbà tí a ti ń fi orúkọ náà sílẹ̀ fún un, gbólóhùn náà kò pa wá lára mọ́. Agbẹjọ́rò gbà, ṣùgbọ́n ó kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí ẹnì kejì ṣáájú, láti sọ fún un pé a ń fi orúkọ sílẹ̀, pé a ó sì ta èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà tán.

Ti NAFDAC ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Orúkọ ọjà àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é wà lára ohun tí NAFDAC kọ sílẹ̀ fún oúnjẹ inú náílọ́ọ̀nù, nítorí náà a kì í kàn yí i padà lójú páálí kí a tó sọ fún wọn. Obìnrin náà ti fẹ́ san owó náílọ́ọ̀nù tuntun, kí ó lè bá oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ìwé NAFDAC kò tíì jáde. Bí wọ́n bá ní kí ó ṣe àtúnṣe sí ohun tí a kọ sára náílọ́ọ̀nù, pléètì náà ti di ohun tí a ń sọ nù. Ó dúró, ìwé sì jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì kí náílọ́ọ̀nù tuntun tó dé ìta ni wọ́n tó pín lẹ́tà.

Àwọn alágbàtà ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Obìnrin náà fẹ́ gbé e sórí Wásáàpù ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí gbogbo ènìyàn rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n alágbàtà tí oníbàárà rẹ̀ bá gbọ́ ìròyìn ṣáájú rẹ̀ yóò dà bí ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń tà. A lọ bá wọn ní ìsọ̀, a kà á, a sì fi ìwé sílẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kejì ni ó lọ sórí Wásáàpù, pẹ̀lú ohùn obìnrin náà fúnra rẹ̀ tí ó kà á jáde, nítorí pé àwọn tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ ohùn rẹ̀, ohùn sì ṣòro ju àwòrán lọ láti yí padà. Ẹ̀dà kékeré wọ inú àpótí ẹrù tí ó lọ sí Èkó àti Ìbàdàn.

Ìpè tí ó pọ̀ jù ní ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ti orúkọ tí ó jáde lójú fóònù. Àwọn tí wọ́n pè kì í ṣe àwọn tí kò gba lẹ́tà. Wọ́n gbà á, wọn kò kà á dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpè náà kì í pẹ́: wọ́n á béèrè, a ó ní kí wọ́n wo ìpínrọ̀ kẹta, wọ́n á sì fi owó ránṣẹ́. Gbájúẹ̀ kan náà wá ní tòótọ́. Ó fi nọ́ńbà àkáǹtì tuntun ránṣẹ́ sí oníbàárà kan pẹ̀lú àmì orógùn náà lókè rẹ̀. Oníbàárà náà kò fèsì, ó pe nọ́ńbà tí ó mọ̀, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ti wí.

Ní ọjà, àwọn olùrà kan kọ náílọ́ọ̀nù tuntun. Alágbàtà kan ní Sábó wá nǹkan ṣe sí i: ó fi náílọ́ọ̀nù àtijọ́ kan tí ó ti ṣófo kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, á fi ìka tọ́ka sí ìlà tí ó sọ orúkọ tẹ́lẹ̀. Ìlà náà ni ó ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí a kọ, ó ju lẹ́tà gan-an lọ. Agbẹjọ́rò kò fẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé bí a bá ṣì ń tẹ orúkọ ẹlòmíràn sára ọjà wa, bó tilẹ̀ jẹ́ ní lẹ́tà kéékèèké, ẹni náà lè sọ pé a kò tíì fi í sílẹ̀. Wọ́n fi ẹnu kò sí ìtẹ̀jáde kan ṣoṣo: bí náílọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ bá tán, èyí tí yóò tẹ̀lé e kò ní ní ìlà náà mọ́.

Àmì òwò tuntun ṣì wà ní Àbújá bí mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ti gbà á, ó sì ku kí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ọ́fíìsì náà, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín oṣù méjì. Bí kò bá sí àtakò, wọn yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí fún ọdún méje, lẹ́yìn náà ni a ó máa tún un gbà ní ọdún mẹ́rinlá mẹ́rinlá. Ẹni tí ń tẹ náílọ́ọ̀nù ti béèrè bóyá òun lè dá R padà. Wọ́n ní kí ó dúró ná.